Kò sí ìwọ̀n ní sáìtì: páànù mélòó ló wà nínú kúbíkì mítà kan?

Ọmọ Ìyìn:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ da jámáànì fúlọ̀ sí yàrá kan ní Ìyìn, mítà 6 ní gígùn, mítà 4 ní ìbú, kí ó nípọn sẹ̀ǹtímítà 10, 1:2:4 ni wọ́n kọ sínú pépà tí wọ́n fún mi. Pépà yẹn kúbíkì mítà ló ń sọ, fọ́máànù mi páànù àti bárò ló ń sọ, ẹni tó ń ta sìmẹ́ńtì báàgì ló ń sọ, kò sì sí ìwọ̀n kankan ní sáìtì. Báwo ni mo ṣe máa mọ iye tí mo máa rà, àti iye tí àwọn lébírà máa dà pọ̀? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i.

Bíríkìlà Bàsírì:
Àbúrò, èyí ò le rárá. Báàgì sìmẹ́ńtì kan, páànù méjì ni. Bárò kan, páànù mẹ́ta ni. Kúbíkì mítà kan, bárò 18 ni. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ní Àjìlosùn, mo sì ti fi í kọ́ ilé tó pọ̀ ní Adó yìí. Tí wọ́n bá ti ní 1:2:4, báàgì kan, páànù yanrìn mẹ́rin, páànù gúránáìtì mẹ́jọ, ó parí. Kí ni wọ́n tún ń fi kúbíkì mítà dà ọ́ láàmú fún?

Màmá Oníyanrìn Ìkọlé:
Ẹ dákun, báàgì wo lẹ ń sọ tó jẹ́ páànù méjì? Èmi ń ta yanrìn ní báàgì níbí ní Ìkọlé, àpò ìrẹsì ńlá la fi ń dì í, nígbà míì ó máa ń gbà ju páànù méjì lọ, nígbà míì ó máa ń tó mẹ́ta, ó wà lọ́wọ́ ọmọ tó bá ń dì í lọ́jọ́ yẹn. A kì í jẹ́ kó kún dé ẹnu torí kò sẹ́ni tó máa lè gbé e. Ẹni tó bá ra báàgì mẹ́wàá lọ́wọ́ mi kó má lọ kà á sí páànù 20 o.

Bíríkìlà Bàsírì:
Mà, báàgì sìmẹ́ńtì la ń sọ, kì í ṣe ti yanrìn.

Àǹtí Onítéèpù:
Mo ń bá wọn ṣe súpáfáísọ̀ ní sáìtì, torí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ èyí. Ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀yin Ọ̀gá Bàsírì. Ohun tí ẹ sọ nípa báàgì yẹn sún mọ́ òótọ́ gan-an, àmọ́ páànù wo? Àwọn tí wọ́n ń tà ní Ọjà Ọba kì í ṣe oríṣi kan, òmíràn jìn, òmíràn fẹ̀ àmọ́ kò jìn, èyí tó ti pẹ́ ní sáìtì sì ti tẹ̀ ní ìdí nítorí kọnkéré tó gbẹ mọ́ ọn. Ọmọ Ìyìn, má gba nọ́ńbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni títí kan èmi. Wọn páànù tìẹ.

Omi ni wàá fi wọ̀n ọ́n. Gbé páànù sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, máa tú píọ̀ wọ́tà sínú ẹ̀, kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí omi á fi fẹ́ dà lẹ́nu ẹ̀. Ìdajì lítà ni ọ̀kan, báàgì píọ̀ wọ́tà tó ní 20 nínú jẹ́ lítà 10. Tí páànù ẹ bá gba 36, lítà 18 ni. Tí ọkàn ẹ ò bá balẹ̀ pé omi inú ọ̀rá yẹn pé, lo ìgò omi tí wọ́n kọ lítà kan ààbọ̀ sí lára, méjìlá ló máa gbà. Kúbíkì mítà kan, lítà 1000 ni, torí náà páànù lítà 18 máa wọ inú ẹ̀ bíi 55 sí 56, tí a bá gé orí ẹ̀ pẹrẹsẹ.

Bárò, má wulẹ̀ bu omi sí i, ó dagun, omi á ti ibi tó rẹlẹ̀ dà kó tó kún. Yanrìn ni kó o fi wọ̀n ọ́n. Gé orí páànù yanrìn pẹrẹsẹ, dà á sínú bárò, máa kà á, títí bárò á fi kún dé ẹnu, kó o wá gé orí òun náà. Èyí tí à ń lò ní sáìtì wa gba páànù mẹ́ta àti ìdá kan nínú mẹ́ta, ìyẹn lítà 60, kúbíkì mítà kan ò sì tó bárò 17. Bárò 18 tí Ọ̀gá Bàsírì sọ yẹn, bárò tó gba lítà 55 ló bá mu. Ó lè jẹ́ pé irú bárò tí ọ̀gá wọn ní nìyẹn, ó lè má jẹ́ irú tìẹ.

Sìmẹ́ńtì ńkọ́? Báàgì kílò 50, bíi lítà 35 la ń kà á sí, ìdí nìyẹn tí páànù méjì fi sún mọ́ ọn. Àmọ́ ẹ má fi páànù wọn sìmẹ́ńtì láéláé. Tí ẹ bá ti tú u jáde nínú báàgì, atẹ́gùn á wọ inú ẹ̀, á wú, tí ẹ bá gbọn páànù díẹ̀ á tún fìdí balẹ̀, páànù méjì tí Sùlé bù àti páànù méjì tí Dáre bù ò ní jẹ́ ohun kan náà. Odindi báàgì ni kí ẹ máa dà sílẹ̀, kí yanrìn àti òkúta máa tẹ̀lé báàgì.

Ọmọ Ìyìn:
Ẹ ṣé gan-an àǹtí. Mo ti rí èyí tó jẹ́ ti páànù. Ti rírà ńkọ́? Mo ti ń ṣe 6 × 4 × 0.1, ó fún mi ní 2.4, ṣé kúbíkì mítà 2.4 ni mo wá máa pín sí ọ̀nà 7 báyìí?

Àǹtí Onítéèpù:
Rárá o, ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ra ohun èlò tí kò tó nìyẹn. 2.4 yẹn, kọnkéré tó ti wà nílẹ̀ tó ti fìdí balẹ̀ ni. Yanrìn á wọ àlàfo tó wà láàárín òkúta, sìmẹ́ńtì á wọ àlàfo tó wà láàárín yanrìn, torí náà ohun gbígbẹ tó o máa kó jọ gbọ́dọ̀ pọ̀ ju 2.4 lọ dáadáa. A máa ń sọ ọ́ di ìlọ́po 1.54. Àwọn kan ń lo 1.5, mi ò bá wọn jà, ìyàtọ̀ ẹ̀ lórí yàrá kan ò ju nǹkan bí ìdajì báàgì lọ.

```
6 × 4 × 0.1 = 2.4
2.4 × 1.54 = 3.7
3.7 ÷ 7 = 0.53
0.53 ÷ 0.035 = 15
```

7 yẹn ni 1 àti 2 àti 4 tí a rò pọ̀, 0.035 ni lítà 35 ti báàgì kan ní kúbíkì mítà. Sìmẹ́ńtì jẹ́ báàgì 15, yanrìn jẹ́ kúbíkì mítà kan àti díẹ̀, gúránáìtì jẹ́ méjì àti díẹ̀. Fi díẹ̀ kún yanrìn àti òkúta torí èyí tó máa bá ilẹ̀ lọ. Ní ti dídà, báàgì kan jẹ́ lítà 35, yanrìn ẹ̀ jẹ́ lítà 70, òkúta ẹ̀ jẹ́ lítà 140. Páànù lítà 18, mẹ́rin àti mẹ́jọ nìyẹn, bí Ọ̀gá Bàsírì ṣe sọ gẹ́lẹ́. Tó bá jẹ́ bárò lítà 60 lẹ ń lò, òkúta jẹ́ bárò méjì àti páànù kan, yanrìn jẹ́ bárò kan àti páànù tó kàn ju ìdajì lọ díẹ̀.

Bíríkìlà Bàsírì:
Ẹ rí i báyìí! Ohun tí mo sọ náà ló padà jáde.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́:
Ẹ má bínú ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n gbé tèmi wá. Fúlọ̀ ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìkẹ́rẹ́, páànù mẹ́rin àti mẹ́jọ yìí náà ni ẹni tó gba iṣẹ́ ní òun lò, mo sì dúró tì wọ́n, mo kà á, wọn ò fi nǹkan kan pa mọ́. Sìmẹ́ńtì sì kù lẹ́yìn iṣẹ́, inú mi dùn pé mo jèrè. Ní báyìí, tí ọmọbìnrin mi bá gbálẹ̀ láàárọ̀, eruku funfun ló ń jáde lójú fúlọ̀ yẹn lójoojúmọ́, ibi tí wọ́n máa ń gbé fíríìjì gbà sì ti ń ṣí. Báwo ni nọ́ńbà ṣe máa pé kí fúlọ̀ má dáa?

Àǹtí Onítéèpù:
Ọmọ Ìkẹ́rẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́. Sìmẹ́ńtì tó kù yẹn gan-an ló ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún yín. Ṣé wọ́n gé orí páànù, àbí wọ́n bù ú tó ga bí òkè?

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́:
Ó ga o! Àwọn ọmọ yẹn lágbára, ṣọ́bìrì mẹ́ta mẹ́rin ni wọ́n máa ń kì mọ́ páànù kan kí wọ́n tó gbé e rù, ó tún máa ń já bọ́ lọ́nà.

Àǹtí Onítéèpù:
Ìyẹn ni. Ẹ dán an wò ní sáìtì yòówù: ẹ jẹ́ kí lébírà bu páànù bó ṣe máa ń bù ú, kí ẹ fi pákó gé òkè orí ẹ̀ sínú páànù kejì, kí ẹ wá fi omi wọn ibi tó ga dé nínú páànù kejì yẹn. Lítà 7 kì í ṣọ̀wọ́n. Tí páànù lítà 18 bá ti di lítà 25, mẹ́rin á di lítà 100 dípò 70, mẹ́jọ á di lítà 200 dípò 140, sìmẹ́ńtì ṣì wà ní lítà 35 tiẹ̀. Ẹ pín in wò, ó ti kúrò ní 1:2:4, ó ti ń lọ sí 1:3:6 láì sẹ́ni tó parọ́ iye páànù. 1:3:6 dáa fún ibi tí nǹkan míì ṣì máa bò, àmọ́ fúlọ̀ tí wọ́n ń gbé ẹrù kọjá lórí ẹ̀ lójoojúmọ́, eruku ló máa jẹ́.

Ọ̀gá Bàsírì, ẹ má rí i bíi pé mò ń bá yín jà. Àwọn tó kọ́ yín gé orí páànù ni, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yin náà ṣì ń gé e. Nọ́ńbà yẹn ló dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ìsinsìnyí, gígé yẹn ò dé.

Bíríkìlà Bàsírì:
Òótọ́ lẹ sọ o. Èmi máa ń gé e. Àmọ́ ẹ mọ̀ pé lébírà tó ń gba owó lórí iṣẹ́, tí ẹ bá ní kó gé orí páànù, á ní ẹ ń fi àsìkò òun ṣòfò, torí ìrìn á pọ̀ sí i.

Dẹ́rẹ́bà Ògbèsè:
Mo ń ka gbogbo ẹ̀ láti àárọ̀. Èmi ni mo ń gbé yanrìn odò wá láti Ògbèsè, mo sì ń gbé gúránáìtì. Ọmọ Ìyìn, tí wọ́n bá ní típà 5-tọ́ọ̀nù, orúkọ ọkọ̀ nìyẹn, kì í ṣe ìwọ̀n ohun tó wà nínú ẹ̀. Mú téèpù dání. Inú bọ́dì ọkọ̀ tèmi jẹ́ mítà 3.4 ní gígùn, mítà 2 ní ìbú, pákó ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ga sẹ̀ǹtímítà 60, tó bá kún pẹrẹsẹ dé orí pákó, ó ń lọ sí kúbíkì mítà 4. Òkúta tìẹ kàn ju ìdajì ọkọ̀ mi lọ díẹ̀ ni, má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ta odindi tíríìpù fún ọ àyàfi tó o bá ní ibòmíì tó o fẹ́ lò ó sí. Àárín ẹ̀ máa ń ga ju igun lọ, torí náà wọn gíga ẹ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti àárín, kó o wá fojú bu èyí tó wà láàárín wọn. Yanrìn sì máa ń fìdí balẹ̀ lọ́nà, pàápàá lójú ọ̀nà wa tó kún fún kòtò, kó o má bínú sí dẹ́rẹ́bà tó o bá rí i pé ó ti rẹlẹ̀ díẹ̀ kó tó dé Ìyìn.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà. Yanrìn tí mo ń gbé, ó máa ń tutù. Ṣé páànù mẹ́rin ṣì ni?

Bíríkìlà Bàsírì:
Yanrìn tútù wúwo, torí náà wọ́n gbọ́dọ̀ dín in kù, kí wọ́n fi mẹ́ta àti ààbọ̀ ṣe é.

Àǹtí Onítéèpù:
Ọ̀gá mi, níbí ni mi ò ti gbà pẹ̀lú yín. Ká tiẹ̀ ní ìwọ̀n la fi ń wọ̀n ọ́n, fífi kún un náà la máa ṣe, torí omi wà nínú kílò yẹn. Àmọ́ páànù là ń kà. Yanrìn tó tutù díẹ̀, omi tó lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ra, ó máa ń wú. Páànù kan tó kún fún yanrìn tútù, ojúlówó yanrìn inú ẹ̀ kéré ju ti gbígbẹ lọ, ó lè fi ìdá kan nínú mẹ́rin pọ̀ lójú, pàápàá yanrìn tó kúnná.

Ẹ ò nílò kẹ́mísìtì. Ẹ mú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ dúró ṣánṣán, ẹ da yanrìn tútù sínú ẹ̀ láì tẹ̀ ẹ́, kí ó ga sẹ̀ǹtímítà 20, ẹ sàmì sí ibẹ̀. Ẹ da yanrìn náà jáde, ẹ bu omi dé bí ìdajì bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ wá máa da yanrìn padà sínú omi yẹn díẹ̀díẹ̀, ẹ máa fi igi rò ó kí atẹ́gùn jáde. Tó bá ti fìdí balẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n. Tó bá ti di 16, ó ti fi 4 wú lórí 16, ìdá kan nínú mẹ́rin nìyẹn. Páànù mẹ́rin á di márùn-ún. Ẹ ò dín in, ẹ fi kún un ni. Omi tí ẹ máa dà sí kọnkéré ni kí ẹ dín, torí yanrìn yẹn ti gbé omi tiẹ̀ wá.

Yanrìn tí òjò ti pa títí tí omi ń ṣàn lára ẹ̀ ò wú mọ́, ó ti padà sí bó ṣe rí nígbà tó gbẹ, èyí tó kàn tutù díẹ̀ ló ń tàn wá. Gúránáìtì kì í wú, ti òkúta ò yí padà.

Dẹ́rẹ́bà Ògbèsè:
Hẹn! Ìyẹn ni yanrìn òkè ọkọ̀ mi ṣe máa ń pọ̀ lójú tó bá tutù, tó bá gbẹ ní sáìtì wọ́n á ní mo yọ nínú ẹ̀.

Bíríkìlà Bàsírì:
Mo gbọ́. Mo máa dán ti bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn wò kí n tó gbà tán.

Ọmọ Ìyìn:
Ẹ̀yin ará, mo ti wọn páànù. Mo lọ sáìtì ní ọ̀sán yìí, píọ̀ wọ́tà 33 ló gbà, ìyẹn lítà 16 àti ààbọ̀. Tí mo bá fi í pín 70, páànù mẹ́rin àti díẹ̀, òkúta jẹ́ mẹ́jọ àti ààbọ̀. Ta ló máa bá mi bu ààbọ̀ páànù nígbà kọ̀ọ̀kan? Àti pé báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é dáadáa, tí iṣẹ́ bá ti ń yá tí mi ò lè dúró tì wọ́n?

Àǹtí Onítéèpù:
Ti kejì ni mo máa kọ́kọ́ dáhùn, torí òun ni mo fẹ́ràn jù. Báàgì kan ní 1:2:4 máa ń fún wa ní kọnkéré tó tó kúbíkì mítà 0.16. Ní nínípọn sẹ̀ǹtímítà 10, ìyẹn tẹ́ ilẹ̀ bíi mítà kan àti ìdá kan nínú mẹ́rin níbùú lóròó, ó lé díẹ̀. Báàgì 5 á tẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta yàrá ẹ. Fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára ògiri ní mítà 2 àti mítà 4 lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó gùn. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti òpin kan, kí wọ́n tò ó lọ. Tí báàgì 5 bá tán, ojú kọnkéré gbọ́dọ̀ wà nítòsí ìlà àkọ́kọ́. Tó bá ti kọjá á lọ bíi mítà kan, ó ṣe é ṣe kí páànù máa ga lórí, tàbí kí fúlọ̀ fẹ́lẹ́ ju 10 lọ. Ti irin kékeré bọ inú ẹ̀ níbi mélòó kan kó o mọ èwo ni. Tí kò bá dé ìlà, ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀ jìn jù níbẹ̀ ni, èyí tí wọ́n ò tẹ̀ dáadáa, sìmẹ́ńtì ò ní tó ẹ, tètè pe ẹni tó ń tà á. Kó báàgì òfo jọ síbì kan, wàá lè kà wọ́n nígbà tó o bá padà dé.

Káfíńtà Ìjerò:
Ti ààbọ̀ páànù yẹn, pákó ló máa yanjú ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà kan àpótí tí kò nídìí, inú ẹ̀ kó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40 sí 35, kó ga 25. Lítà 35 gẹ́lẹ́ nìyẹn, báàgì sìmẹ́ńtì kan. Tó bá jẹ́ íǹṣì lẹ ń lò, 16 sí 14, kó ga 9 àti ààbọ̀. Ẹ gbé e sórí ibi tí wọ́n ti ń po kọnkéré, wọ́n á fi páànù tó bá wù wọ́n da yanrìn sínú ẹ̀, wọ́n á fi pákó gé orí ẹ̀, wọ́n á gbé àpótí sókè, yanrìn á dúró sílẹ̀. Yanrìn ẹ̀ẹ̀méjì, òkúta ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, báàgì kan. Torí pé kò nídìí, ẹnikẹ́ni ò ní gbé ẹrù inú ẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ méjì sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, kí ẹ sì máa fọ̀ ọ́ lálẹ́ kí kọnkéré má gbẹ mọ́ ọn, torí tó bá gbẹ mọ́ ọn, ó ti kéré sí ohun tí ẹ kàn.

Àǹtí Onítéèpù:
Ẹ ṣeun ọ̀gá, ohun tó dára jù nìyẹn. Tí yanrìn bá tutù, ẹ̀ẹ̀méjì àti ìdajì àpótí ló máa jẹ́, tó bá wú bí mo ṣe sọ yẹn, ẹ fa ìlà sínú àpótí ní ìdajì gíga ẹ̀.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́:
Ti ṣọ́ọ̀bù tèmi ńkọ́, ṣé mo lè da tín-ín-rín lé e lórí, àbí mo máa fọ́ gbogbo ẹ̀?

Àǹtí Onítéèpù:
Ìyẹn ò ṣeé dáhùn láì rí i. Fi ìṣó ha ojú ẹ̀ níbi mẹ́ta, tó bá kàn jẹ́ pé òkè ló ń ya, tí abẹ́ ẹ̀ le, a ṣì lè sọ̀rọ̀. Tí ìṣó bá ń wọlé láìsí wàhálà, tí òkúta ń ṣí, ohunkóhun tó o bá dà lé e lórí á bá a ṣí lọ. Fi fọ́tò sí i.

Bíríkìlà Bàsírì:
Èmi ò ní kó àpótí lọ sáìtì ní tèmi o, ó máa fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Àmọ́ màá wọn páànù mi, màá sì rí i pé wọ́n ń gé orí ẹ̀. Ọmọ Ìyìn, tó o bá fẹ́ da fúlọ̀ yẹn, ìgbà wo ni? Mo lè wá fún ọjọ́ kan, ká wò ó bóyá báàgì 5 máa dé ìlà tí Àǹtí sọ.

Ọmọ Ìyìn:
Sátidé, tí òjò ò bá rọ̀. Ẹ máa bọ̀ ọ̀gá, mo ti rí pákó tí wọ́n máa fi kan àpótí, a ó dán méjèèjì wò: àpótí fún báàgì 5 àkọ́kọ́, páànù yín fún 5 tó tẹ̀ lé e, a ó wo ibi tí oníkálukú dé sí lára ògiri.